Ojú Ìsopọ̀ Fídíò Tó Ń Yí Po Lẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Orin

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti rí i rí: akọrin ń kọrin ìyìn lọ, ìtànṣán ń yí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orin lójú síkírìn, àfi fìrí! ó fò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, ó tún fò. Ojú ìsopọ̀ yẹn nìkan ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ọ̀kan nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn. Ìtànṣán 12 ló yí àárín ká bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, àlàfo wọn dọ́gba. Fídíò náà máa gba sẹ́kọ́ńdì 20, férémù 30 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn férémù 600. Ọ̀pọ̀ wa máa ń yí i po tán, 360 dígírì, òòyì á sì máa kọ́ àwọn ìyá tó jókòó níwájú. Kò pọn dandan. Bí ìtànṣán kan bá ti dé àyè èkejì rẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé òun kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ pín 360 sọ́nà 12: 30 dígírì ti tó.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí ìtànṣán yí dé, sí férémù 1 ní 0 dígírì. Níbo la máa fi 30 sí? Ẹnì kan nínú yín ní férémù 600. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n bí férémù 600 bá rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú férémù 1, àwòrán kan náà á jáde lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ojú á sì rí i pé ó kọsẹ̀ díẹ̀. Férémù 601 la máa fi 30 sí, ká wá ní kí ẹ̀rọ dúró ní 600.

Ó ku ohun kan. Blender fúnra rẹ̀ máa ń lo Bezier, tó ń rọra gbéra, tó sì ń rọra dúró. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, ìtànṣán á máa sinmi díẹ̀ lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 20 kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lórí Timeline, ẹ tẹ T níbẹ̀, kí ẹ yan Linear, tí eré rẹ̀ kì í yí padà.

Tó bá jẹ́ ìkuukùu tẹ́ ẹ fi kámẹ́rà yà ńkọ́? Ká ní ó jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 24. Ẹ gé e sí méjì ní 12, kí ẹ gbé apá kejì ṣíwájú apá kìíní. Ìparí rẹ̀ tuntun àti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tuntun ti wá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti gé e, tí wọ́n ti so mọ́ra láti ilẹ̀ wá. Ibi tó fò ti bọ́ sáàárín. Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì gun ara wọn fún sẹ́kọ́ńdì 2, kí ọ̀kan máa parẹ́ bí èkejì ṣe ń yọ. Sẹ́kọ́ńdì 22 ló máa kù. Ìkuukùu, èéfín àti omi gba irú èyí. Ẹyẹ tàbí èèyàn kò gbà á: ẹ máa rí wọn ní méjì-méjì bí iwin.

Nígbà míì, fídíò yín kò lẹ́bi. Ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde ló ń ṣẹ́jú dúdú kó tó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ to ẹ̀dà fídíò ìtànṣán yẹn 45 tẹ̀léra sínú fáìlì kan. Ìṣẹ́jú 15 nìyẹn, a ò sì sábà kọ orin kan tó bẹ́ẹ̀, àfi lọ́jọ́ ìkórè.