Orí, Èjìká àti Ṣóńṣó Méjì: Bí A Ṣe Ń Wọn Ibi Tí Bítíkọ́ìnì Lè Já Dé

Ẹ kú ìjókòó o. Ìtìjú ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2022, mo ń wo ṣáàtì Bítíkọ́ìnì, mo sì rí ṣóńṣó méjì gbagada lórí rẹ̀. Ìkíní wà ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní nǹkan bíi dọ́là 64,800. Ìkejì wà ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní nǹkan bíi dọ́là 69,000. Àfonífojì tó wà láàárín wọn dé nǹkan bíi 28,800 ní oṣù kẹfà. Iye owó ti já wá sí 36,000 lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Mo ní ó parí, mo yá owó lé owó ní ìlọ́po márùn-ún, mo sì ta ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé mo ná owó lé e pé yóò já. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bítíkọ́ìnì fi gòkè kọjá 44,000, tí ọjà tí mo ń lò sì gbá gbogbo owó tí mo fi dúró lọ.

Bẹ́ẹ̀, ṣóńṣó méjì yẹn wá já lóòótọ́ nígbà tó yá. Ojú mi ríran, àmọ́ n kò dúró kí nǹkan tí mo rí ṣẹlẹ̀ kí n tó ná owó lé e lórí. Títí iye owó fi wọ abẹ́ àfonífojì yẹn, kò sí ṣóńṣó méjì kankan níbẹ̀. Òkè kan àti òkè mìíràn lásán ni. Ìlà tí a fà sí ìsàlẹ̀ àfonífojì náà là ń pè ní ìlà ọrùn. Òun ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà kò tíì jáde nílé.

Orí àti èjìká kò yàtọ̀ sí i púpọ̀. Òkè mẹ́ta ni tirẹ̀, èyí tó wà láàárín ló ga jù, a sì ń pè é ní orí. Èjìká òsì ló ṣáájú rẹ̀, èjìká ọ̀tún ló tẹ̀ lé e. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó ń rà ti gbìyànjú láti tún gbé iye owó dé ibi tí orí dé, agbára wọn kò sì gbé e mọ́. Ìlà ọrùn tirẹ̀ máa ń so àfonífojì méjèèjì pọ̀, nítorí náà ó lè dagun díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni ni ti ọdún 2021, nítorí pé gbogbo rẹ̀ wà lórí ṣáàtì fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Èjìká òsì wà ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, ní nǹkan bíi 58,300. Iye owó já sí 43,000 ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Lẹ́yìn náà ló gun òkè dé 64,800 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ọjọ́ gan-an tí ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ Coinbase kọ́kọ́ jáde sí ọjà Nasdaq, tí gbogbo ayé ń yọ̀. Orí nìyẹn. Ó já sí 47,000 ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, ó tún gòkè dé 59,500, kò sì lè kọjá ibẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ìlà ọrùn tó so 43,000 mọ́ 47,000 ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi dọ́là 70 lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí orí yọ, ìlà yẹn wà ní nǹkan bíi 46,200. Nítorí náà gíga orí sí ìlà ọrùn jẹ́ 18,600. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ìlà ọrùn ti dé 48,400, àbẹ́là ọjọ́ náà, ìyẹn àmì tó ń fi ìrìn iye owó ọjọ́ kan hàn lórí ṣáàtì, sì parí sí nǹkan bíi 46,700. Ó ti já nìyẹn. Tí a bá yọ 18,600 kúrò nínú 48,400, ó ku 29,800. Àfojúsùn wa nìyẹn, ibi tí a retí pé yóò já dé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, iye owó já wá sí nǹkan bíi 30,000, kó tó ta padà sókè kó sì parí ọjọ́ náà ní nǹkan bíi 37,000. Àwọn èèyàn máa ń pàtẹ́wọ́ tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Ẹni tó fi àṣẹ pé kí wọ́n pa ṣọ́ọ̀tì òun dé ní 29,800 gẹ́lẹ́ kò rí i pa lọ́pọ̀ ọjà, nítorí iye owó yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kọjá 42,000. Nǹkan bíi igba dọ́là ló kù sí ọ̀nà, òun ló sì gba èrè lọ́wọ́ ẹni náà.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ nìyí. Láti orí òwú àbẹ́là, ìyẹn ìlà tín-ín-rín tó ń fi ibi tó jìnnà jù tí iye owó dé lọ́jọ́ náà hàn, ni mo ti fa ìlà ọrùn mi. Bí ẹlòmíràn bá fà á láti ibi tí àbẹ́là ọjọ́ kọ̀ọ̀kan parí sí, kì í ṣe ibi tí òwú rẹ̀ dé, 45,100 àti 49,000 ni yóò rí, orí tirẹ̀ á sì jẹ́ 63,500. Ìlà ọrùn tirẹ̀ ti já láti ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí Elon Musk kéde pé Tesla kò ní gba Bítíkọ́ìnì mọ́. Bí ó bá ṣe ìṣirò tirẹ̀, nǹkan bíi 35,000 ni yóò bá jáde. Ṣáàtì kan náà ni, orí kan náà ni, àmọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là wà láàárín àwa méjèèjì. N kò lè sọ pé tèmi ló tọ̀nà. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà méjèèjì, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àfojúsùn mi wà láàárín 30,000 sí 35,000. Mo máa ń pa ìdajì dé ní ibi tó sún mọ́ mi jù.

Ẹnìkan béèrè níbí pé níbo ni kí òun fi sítọ́ọ̀pù sí, ìyẹn àṣẹ tó ń pa òwò dé kí àdánù má baà pọ̀ jù. Bí ẹ bá gbé e sókè èjìká ọ̀tún, ní 59,600, ẹ ó fi nǹkan bíi 12,900 wéwu láti wá 11,700 tó wà láàárín 46,700 àti 35,000. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣe irú òwò yẹn. Bí ẹ bá sì gbé e lé orí ìlà ọrùn gẹ́lẹ́, ọjọ́ kejì ni iye owó tún gòkè padà dé nǹkan bíi 49,700, ó wá já ṣòòròṣò lẹ́yìn tó ti pa yín jáde. Ibi tó bọ́gbọ́n mu ni òkè kékeré tó kẹ́yìn kó tó já, èyí tó wà ní nǹkan bíi 51,400 lọ́jọ́ 14. Bí ẹ bá fi sítọ́ọ̀pù sí 51,600, ewu yín jẹ́ 4,900, èrè tó sún mọ́ jù sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣóńṣó méjì tó gbá owó mi lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìyọkúrò ti ń tanni jẹ. Orí 69,000, ìlà ọrùn 28,800, gíga rẹ̀ jẹ́ 40,200. Ẹ yọ 40,200 kúrò nínú 28,800. Ó já sí abẹ́ òdo pẹ̀lú 11,400 dọ́là. Ṣé wọ́n á máa fún yín lówó kí ẹ tó gba Bítíkọ́ìnì ni? Nígbàkigbà tí ìlà ọrùn bá wà nísàlẹ̀ ìdajì orí, irú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyọkúrò máa ń sọ. Nínú ọjà ìpín ìdókòwò, èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Nínú kírípítò, ojoojúmọ́ ni, pàápàá lórí àwọn kọ́ìnì kéékèèké.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Dípò kí a béèrè pé dọ́là mélòó ló já láti orí dé ìlà ọrùn, a ó béèrè pé ìdá mélòó nínú orí ló ṣẹ́ kù, a ó sì fi ìdá yẹn tún ìlà ọrùn ṣe:

```
àfojúsùn = ìlà ọrùn × (ìlà ọrùn ÷ orí)
```

Ẹ lo ṣóńṣó tó kéré jù nínú méjèèjì, kí ojú má baà wọ̀ yín. 28,800 pín sí 64,800 jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án 28,800 jẹ́ 12,800. Lórí ṣáàtì, ẹ kàn yí ìwọ̀n iye owó sí Log, níbi tí ìdá kan náà ti máa ń gba gíga kan náà, kí ẹ wá fi rúlà wọn gíga rẹ̀. Èsì kan náà ni yóò fún yín. Lọ́nà Log yìí, agbedeméjì ọ̀nà láti ìlà ọrùn dé àfojúsùn jẹ́ 19,200. Mo máa ń fi àmì síbẹ̀ bí ibùdó àkọ́kọ́.

Ó pẹ́ kó tó já. Lóṣù kìíní ọdún 2022 tí mo fi kánjú, nǹkan bíi 33,000 ló dé kó tó yí padà, ó sì gòkè dé 48,000 ní oṣù kẹta. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ètò kírípítò Terra wó, òwú àbẹ́là gún ìlà ọrùn wọ inú 26,000, àmọ́ ọ̀sẹ̀ náà parí sókè 31,000. Òwú kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ tó parí lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ló kọ́kọ́ parí nísàlẹ̀ ìlà náà dáadáa, ní nǹkan bíi 26,600. Alẹ́ yẹn náà ni Celsius, ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó kírípítò, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tí ó fi dé 17,600, tó ti kọjá ibùdó àkọ́kọ́.

Ṣé ó dé 12,800? Rárá o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí ọjà kírípítò FTX wó, jẹ́ nǹkan bíi 15,500. Ẹ wò ó, ilé-iṣẹ́ ńláńlá wó lulẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, síbẹ̀ kò rìn ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà tí a wọ̀n fún un lórí Log lọ. Nígbà tí ẹ bá rí ẹni tó ń fi àfojúsùn pátápátá ṣe ìṣirò èrè rẹ̀, ẹ rántí ọdún yẹn.

Ìyá kan tó jókòó níwájú béèrè pé ìgbà wo ni èèyàn máa ń jáwọ́ nínú àfojúsùn tí kò tíì pé. Ìbéèrè yẹn dára ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Mo mọ àwọn tó ṣì ń dúró de 12,000 ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà tí iye owó bá ti parí ọ̀sẹ̀ padà sókè ìlà ọrùn, àfojúsùn náà ti kú. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2023, Bítíkọ́ìnì parí ọ̀sẹ̀ ní nǹkan bíi 30,000, òkè 28,800 tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ẹni tó bá ṣì ń ta ṣọ́ọ̀tì nítorí ṣóńṣó méjì ọdún 2021 ń tà á nítorí ohun tí kò sí lórí ṣáàtì mọ́.