Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń wá owó dẹ́sìkì: ẹ dárúkọ iye!

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà la fẹ́ kọ lónìí, lẹ́tà tí ilé ìwé kékeré máa kọ sáwọn òbí, sáwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ àtàwọn tó fẹ́ràn wọn, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra dẹ́sìkì tuntun. Mi ò ní kọ́ yín ní àdírẹ́sì àti déètì, ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ni mò ń lọ tààrà.

Ibẹ̀ náà ni ìlà tẹ́ ẹ ti béèrè owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí wọ́n ní kí n bá wọn yẹ̀ wò, ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ ni "ohunkóhun tágbára yín bá ká." Ó dùn létí, ọ̀wọ̀ wà ńbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń kà á ò mọ iye tó yẹ, kò mọ̀ bóyá tòun á kéré jù, ojú lè máa tì í, á ní òun á rò ó tó bá dọ̀la, ó gbé lẹ́tà sílẹ̀, ó tán nìyẹn. Ó dà bí ìgbà téèyàn rán ọmọ lọ sọ́jà tó kàn ní "lọ ra nǹkan wá." Tọ́mọ yẹn bá padà dé lọ́wọ́ òfìfo, ta lẹ fẹ́ bá wí? Ẹni tó rán an ni!

Torí náà, Ẹ DÁRÚKỌ IYE! Ẹ sọ iye tí dẹ́sìkì kan jẹ́!

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ká ní dẹ́sìkì 24 lẹ nílò, ọmọ méjì á máa jókòó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba iye lọ́wọ́ kápẹ́ńtà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dúró ná o, iye kápẹ́ńtà nìkan kọ́! Ẹ fi owó ọkọ̀ tó máa kó wọn wá kún un, owó ẹni tó máa tò wọ́n, owó fáníìṣì tí ò bá sí nínú tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 24 pín in. Iye tó bá jáde ni dẹ́sìkì kan. Torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé owó ọkọ̀, gbogbo dẹ́sìkì á pé tán, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, ẹ̀yin á tún máa kọ lẹ́tà kejì sáwọn èèyàn kan náà, ìyẹn ò sì dáa rárá.

Ẹ wá fi méjì pín iye yẹn, ìjókòó ọmọ kan nìyẹn. Ẹ fi mẹ́rin sọ iye dẹ́sìkì kan di púpọ̀, ìlà kan ní kíláàsì nìyẹn, tẹ́ni mẹ́fà bá sì ra ìlà kọ̀ọ̀kan, 24 pé. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ kéré ti ríbi wọlé, ẹni tó rí jájẹ náà ti rí tiẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kẹ́ ẹ fi iye gangan síbẹ̀: "Iye yìí ló máa gbé dẹ́sìkì kan dé kíláàsì wa, ọmọ méjì ló máa lò ó. Ṣé ẹ lè bá wa ra ẹyọ kan ká tó wọlé?"

Ó ku ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ẹ gbé ìtàn ìdásílẹ̀ ilé ìwé kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Lọ́dún 2007, Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tébi ń pa fáwọn kan, wọ́n fún àwọn míì ní iye èèyàn rẹpẹtẹ tébi ń pa, wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fáwọn tó kù. Àwọn tó gbọ́ ti ọmọ yẹn nìkan ló fowó sílẹ̀ jù. Ẹ rí i? Bí wọ́n ṣe fi iye rẹpẹtẹ yẹn kún un ló dín in kù!

Torí náà, ọmọ kan. Ọmọ tó jókòó síbi tí pákó bẹ́ńṣì ti là, tí ìṣó ti yọrí, tó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ kó má baà fa aṣọ ya, ìwé wà lórí itan, ọ̀rọ̀ tó ń kọ ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí ẹ̀, ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà.

Ẹ tún kọ gbólóhùn kan nípa ohun tẹ́ ẹ máa fi owó tó bá lé ṣe, bóyá ẹ máa fi tún bẹ́ńṣì tó ṣì dáa ṣe. Lábẹ́ sáìnì yín, ẹ tún iye dẹ́sìkì kan kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó pé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó ka òkè.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí ò sí nílé ìwé yín kà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í: èló ni wọ́n ní kó o mú wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi rà? Tó bá ń wòkè, ẹ padà sí ìlà tẹ́ ẹ ti béèrè owó.