Èló La Ó Gbà Lórí Eyín Kan?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin dókítà. Tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú eyín tiwa, iye tí aládùúgbò ń gbà la kọ́kọ́ ń wádìí, a ó sì yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló kọ́lé sí, kí àga rẹ̀ sì ti pa owó ara rẹ̀ látọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ kan ṣoṣo: ká fi kọ́ńpósíìtì dí eyín tó ti ní ihò. Àpẹẹrẹ làwọn iye tí mo fẹ́ dá yìí, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àga, torí wákàtí orí àga lọjà tí à ń tà gan-an. Ká ní owó ilé, owó oṣù nọ́ọ̀sì, dísù, omi, owó àwọn tó ń kó pàǹtí abẹ́rẹ́, pẹ̀lú owó oṣù tiyín fúnra yín, jẹ́ 1,700,000 náírà lóṣù. Ẹni tó bá yọ owó oṣù tara rẹ̀ kúrò, owó ọ̀yà rẹ̀ ló ń pè ní èrè. Tí àga àtàwọn ẹ̀rọ bá jẹ́ 6,000,000, tí ẹ sì fẹ́ lò wọ́n fún ọdún 5, ẹ máa ya 100,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti fi ra òmíràn. Gbogbo rẹ̀ di 1,800,000.

Wákàtí mélòó la ó wá pín in sí? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ilẹ̀kùn lè ṣí fún wákàtí 176 lóṣù, ẹ ó sì rí i pé wákàtí kan kò ju nǹkan bíi 10,200 lọ. Ṣùgbọ́n ilé tuntun kì í kún bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí 90 péré lèèyàn fi wà lórí àga, 20,000 ni wákàtí kan ń ná yín. Ẹ má fojú bù ú o. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa kọ aago tí aláìsàn jókòó àti aago tí wọ́n nu àga tán.

Dídí eyín yìí gba ìṣẹ́jú 45, ìpalẹ̀mọ́ àti nínu àga gba 15. Wákàtí kan nìyẹn, 20,000. Síríǹjì kọ́ńpósíìtì oní gíráàmù 4 tí ẹ rà ní 36,000 lè dí nǹkan bí eyín 12, tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Ìyẹn jẹ́ 3,000 lórí eyín kan. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó dùn ún, ìbọ̀wọ́ àti àwọn wẹ́wẹ́ yòókù jẹ́ 4,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27,500. Ẹ fi ìdá 20 nínú 100 lé e, fún èrè àti fún eyín tó bá jábọ́ tí ẹ ó tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di 33,000.

Ẹni tó ń fi ìlọ́po mẹ́ta owó ohun èlò dá iye, orí fífọ eyín ló ti máa pàdánù jù, torí ohun èlò rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó ń jẹ àkókò.

Tí ẹ bá wá ń gba 20,000 bíi ti aládùúgbò ńkọ́? Ẹ ń pàdánù 7,500 lórí eyín kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní tètè mọ̀, torí owó ń wọlé lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá kọṣẹ́ lẹ ó tó mọ̀.

Àyè kan wà fún ẹ̀dínwó o. Bí àga bá ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, owó ilé ń lọ bákan náà. Ẹni tó san 20,000 lásìkò yẹn ṣì ń fi 12,500 sílẹ̀ lẹ́yìn owó ohun èlò. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n 33,000 ni kó wà lára pátákó.