Láti “Titun” Dé “Parí”: Ọ̀nà Wo La Máa Ṣí fún Iṣẹ́, Èwo La Máa Dí?

Ẹ káàbọ̀. Lónìí, a ó jọ ya ọ̀nà tí iṣẹ́ kan máa ń gbà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ títí di ìgbà tí a lè sọ pé ó parí. Ilé iṣẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó kún Ìkẹjà nílùú Èkó. Akọ̀wé kan jókòó níwájú tó ń gba fóònù lọ́wọ́ oníbàárà, àwọn atúnṣe mẹ́ta wà lẹ́yìn, ọ̀gá náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ìwé kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa fi áàpù tọ́jú iṣẹ́ wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n to orúkọ ipò jọ: ó wọlé, a ti rí i, ó wà lórí tábìlì, a ti tú u, ó kù díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ipò yóò fi di mẹ́wàá, tí kò ní sí ẹni tó mọ èyí tó yẹ kóun yàn. Ìbéèrè kan ni mo fi ń jọ̀ wọ́n: bí iṣẹ́ bá wà ní ipò yìí, ọwọ́ ta ló wà, kí sì ló kàn tí ẹni náà máa ṣe? Bí ipò méjì bá ní ìdáhùn kan náà, ẹ pa wọ́n pọ̀.

Nígbà tí a jọ̀ ọ́ tán, márùn-ún ló kù. “Titun”: fóònù wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ó ń retí atúnṣe tó máa gbà á. “Lọ́wọ́”: atúnṣe kan ti gbà á, ó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. “Àyẹ̀wò”: ẹlòmíì, tí kì í ṣe ẹni tó tún un ṣe, ń fi pe ènìyàn, ó ń kì í bọ ṣájà, ó ń dán kámẹ́rà àti ohùn rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni “parí” àti “fagi lé”.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí “parí”, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń wà. Ọ̀gá lè ní iṣẹ́ kò parí àfi tí oníbàárà bá sanwó tó sì gbé fóònù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ. Wọ́n tún fóònù kan ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó ni ín rìnrìn àjò, kò sì padà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú áàpù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni atúnṣe fi ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lójú tèmi, “parí” ni pé fóònù yege àyẹ̀wò. Owó sísan àti gbígbé lọ, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò, torí wọn kì í tẹ̀lé ìtúnṣe ní ìtẹ̀lé kan pàtó. Ẹnìkan lè ti sanwó kí wọ́n tó tú fóònù rẹ̀ rárá, ẹlòmíì sì lè gbé tirẹ̀ lọ kó tó san èyí tó kù.

Ó yá, ó kan àwọn ọfà, ìyẹn ọ̀nà láti ipò kan sí òmíràn. Ipò márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè lọ sí mẹ́rin yòókù: ogún ọfà nìyẹn. Mẹ́jọ péré la máa ṣí. Ẹ wò wọ́n:

```
titun  -> lowo, fagile
lowo   -> ayewo, titun, fagile
ayewo  -> pari, lowo
pari   -> lowo
fagile -> 
```

Láti “lọ́wọ́” a lè padà sí “titun”, torí ara atúnṣe lè má yá, kí ẹlòmíì gbà á. Láti “àyẹ̀wò” a lè padà sí “lọ́wọ́”, bí ohùn fóònù bá ṣì ń ha. A ò ṣí “lọ́wọ́” sí “parí” ní tààrà, nítorí ẹni tó tún nǹkan ṣe ló máa ń ṣòro fún jù láti rí ohun tó gbójú fò. A ò sì jẹ́ kí “àyẹ̀wò” lọ sí “fagi lé”. Bí oníbàárà bá ní òun ò ṣe mọ́, atúnṣe gbọ́dọ̀ yọ ẹ̀yà tuntun tó ti fi sí i, kó dá ti àtijọ́ padà. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, nítorí náà “lọ́wọ́” ló máa kọ́kọ́ padà sí.

“Parí” sí “lọ́wọ́” ńkọ́? Bí oníbàárà bá gbé fóònù padà nítorí ohun kan náà tí wọ́n tún ṣe, tó sì wà láàárín àkókò tí ilé iṣẹ́ ṣèlérí fún un, iṣẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n máa ṣí padà, akọ̀wé á sì kọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú fóònù ni wọ́n pààrọ̀ níjọ́sí, tó wá jẹ́ bátìrì ló ń yọnu báyìí, iṣẹ́ titun ni. Ẹ má ṣí ti àtijọ́. Ẹ kàn kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára èyí tuntun.

Ohun kan wà tí gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ fi ṣe ipò kẹfà: “ó ń dúró”. Ojú fóònù kò sí lọ́jà, iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ipò, ibo ni iṣẹ́ máa padà sí nígbà tí ohun tí a ń retí bá dé? Iṣẹ́ lè dúró nígbà tó wà ní “titun”, nítorí oníbàárà kò tíì gbà sí iye owó. Ó lè dúró ní “lọ́wọ́”, ó sì lè dúró ní “àyẹ̀wò”, bí kò bá sí síìmù tí wọ́n máa fi dán an wò. Áàpù ti gbàgbé ibi tó ti wá, ọfà mẹ́fà sì ti kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ fi ṣe àmì tí a lè lẹ̀ mọ́ ipò yòówù: kí ni a ń retí, láti ìgbà wo, ta ló ń lépa rẹ̀. Bí ó bá dé, ẹ ṣí àmì kúrò. Iṣẹ́ ṣì wà níbi tó wà.

Báwo la ṣe máa rí i pé òfin yìí múlẹ̀? Kí bọ́tìnì “parí” má hàn fún ẹni tó tún fóònù ṣe, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ènìyàn méjì lè ṣí iṣẹ́ kan náà lórí fóònù méjì. Ọ̀kan dá a padà sí “lọ́wọ́”. Èkejì, tí ojú fóònù tirẹ̀ ṣì ń fi “àyẹ̀wò” hàn, tẹ “parí”. Ibi tí a ń kó dátà sí gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́:

```
UPDATE ise SET ipo = 'pari'
WHERE id = 118 AND ipo = 'ayewo';
```

Ìlà kejì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: iṣẹ́ nọ́ńbà 118 kò lè di “parí” àfi bó bá ṣì wà ní “àyẹ̀wò”. Bí ìdáhùn bá ní kò sí ìlà kankan nínú dátà tó yí padà, a jẹ́ pé ẹnìkan ti gbé iṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀. Kí áàpù sọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pé ipò ti yí padà, kó sì fi ipò tó wà níbẹ̀ hàn án. Kó má fi ipá gbé e kọjá.

Bákan náà, gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá kúrò ní ipò kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: láti ibo, sí ibo, ta ni, nígbà wo. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ ka àkọsílẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó wọ “àyẹ̀wò”, tó sì bọ́ sí “parí” láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, léraléra, ẹnikẹ́ni kò dán fóònù yẹn wò. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣe é kí ẹ tó fi kún òfin. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń wà níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sí ẹlòmíì tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù tó bá parí lálẹ́ sùn ní “àyẹ̀wò”, kí ẹlòmíì dán an wò láàárọ̀, kí akọ̀wé sì fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tó ń dá fún oníbàárà.