Bí a ṣe ń ka àwo ara pọ́ńpù bọ́hóòlù nínú fọ́tò kí a tó ra òmíràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Pọ́ńpù bọ́hóòlù kan ló jóná, fọ́tò àwo irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ ń wò yìí, a sì fẹ́ wá irú èyí tó máa rọ́pò rẹ̀. Ẹ má tìtorí iye họ́ọ̀sì páwà nìkan rà á. Pọ́ńpù méjì lè jọ jẹ́ 1 HP, kí ọ̀kan máa gbé omi púpọ̀ lọ sí ibi tí kò ga, kí èkejì máa gbé omi díẹ̀ lọ sókè réré.

Bí fọ́tò kò bá mọ́lẹ̀, ẹ tún un yà. Ẹ fi àkísà tútù nu àwo náà. Ẹ má fi sáńpépà ha á, nọ́ńbà tí wọ́n fín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á parẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bọ́ sínú ibi tí wọ́n fín. Ẹ tún ya wáyà tó jáde lára mọ́tò, ká lè ka iye rẹ̀.

Ohun tó hàn nìyí:

```
Q 20–80 l/min   H 62–25 m
P2 0.75 kW   230 V~   ?.6 A
35 µF   2850 r/min   IP68
```

IP68 fi hàn pé inú omi ló ń gbé. Ká ní IPX4 ni, pọ́ńpù orí ilẹ̀ là bá máa wá.

Ibi tí wọ́n kọ Hz sí ti dípẹtà, àmọ́ 2850 ti sọ ọ́ fún wa: 50 Hz ni. Ti 60 Hz máa ń sún mọ́ 3450. Ẹ má fojú kéré èyí o. Bí ẹ bá gbé pọ́ńpù 60 Hz sórí iná 50 Hz, yóò yí lọ́ra, gíga tó lè gbé omi dé á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú áḿpíà ò hàn dáadáa. Ṣé 5.6 ni àbí 8.6? Ẹ fi 230 ṣe ìlọ́po 8.6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2000. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún mọ́tò 0.75 kW. Ti 5.6 jẹ́ nǹkan bí 1290, ìyẹn ló bá a mu. P2 ni agbára tí mọ́tò ń fún pọ́ńpù. P1 ni iná tó ń fà wọlé, ó sì máa ń ju P2 lọ. Ẹni tó bá rí P1 1.1 kW tó rò pé P2 ni, mọ́tò tó tóbi ju bó ṣe yẹ ló máa rà.

Ẹ wá wo Q, ìyẹn iye omi tó ń tú jáde, àti H, ìyẹn gíga tó lè gbé e dé. Kì í ṣe pé pọ́ńpù yìí ń gbé lítà 80 lọ sí mítà 62 o. Bó bá ń tú lítà 20 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ó lè gbé e dé mítà 62. Bó bá ń tú 80, mítà 25 ni agbára rẹ̀ mọ. Ojú ibi tí bọ́hóòlù tiyín bọ́ sí láàárín méjèèjì ni kí ẹ wá. Ká ní omi wà ní mítà 28 sísàlẹ̀ nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́, táǹkì ga ní mítà 9, tí bí omi ṣe ń ha ara páìpù sì ń gba bíi mítà 4 mọ́ ọn lọ́wọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41. Ojú omi là ń kà, kì í ṣe bí bọ́hóòlù ṣe jìn tó. Ní mítà 41, pọ́ńpù yìí á máa tú nǹkan bíi lítà 55. Pọ́ńpù tuntun tó bá lè ṣe 55 ní mítà 41 ló bá a mu. Bí bọ́hóòlù bá ń sun lítà 40 péré, ẹ mú èyí tó kéré sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á gbẹ lójú pọ́ńpù, á sì jóná.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà inú orúkọ náà. Lára pọ́ńpù Grundfos, 12 inú SP 3A-12 jẹ́ iye ìpele íńpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi sókè, àmọ́ 65 inú SQ 3-65 jẹ́ mítà. 3 tó ṣáájú wọn jẹ́ mítà kúbíkì omi ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 50 ní ìṣẹ́jú kan.

Ó ku ìbú. Ẹ wọn inú páìpù bọ́hóòlù fúnra yín. Ara pọ́ńpù íńṣì 4 sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 96 sí 98, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí àyè ju 100 lọ, kí wáyà náà sì ríbi gbà. Ẹ ka wáyà mọ́tò láìka ti ilẹ̀ mọ́ ọn, kí iye wọn bá àpótí ìdarí mu. Kapásítọ̀ inú àpótí yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí wọ́n kọ sára mọ́tò tuntun. Ẹ má lo 35 µF àtijọ́ bí ti tuntun bá ní 30.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tàn án, ẹ fi mítà tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ há wáyà wọn iná tó ń fà. Bó bá ju áḿpíà orí àwo rẹ̀ lọ, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yẹ fóòtì àti kapásítọ̀ wò.