Òwú Gígùn Ìsàlẹ̀ Àbẹ́là: Ta Ló Ń Kánjú?

DÈJÌ: Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ bá mi wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí àbẹ́là kan, àwòrán tó ń fi bí iye ṣe rìn láàárín àkókò kan hàn, lórí ṣáàtì Bítíkọ́ìnì. Òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ara rẹ̀, gùn bí ọ̀pá ìpẹja. Mo ní, "Ó ti parí, àwọn tó ń rà ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà." Mo bá rà. Ìgbà tí mo jí láàárọ̀, òwú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ara pupa gbọọrọ ló kù.

BỌ́SẸ̀: Aago mélòó lo rà á?

DÈJÌ: Bí aago mẹ́wàá alẹ́, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

BỌ́SẸ̀: Àbẹ́là ọjọ́ kan ni?

DÈJÌ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

BỌ́SẸ̀: Àbẹ́là yẹn ò tíì jó tán nígbà tí o rà nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ ṣáàtì kírípútò, aago méjìlá òru UTC, ìyẹn aago àjọlò gbogbo ayé, ni ọjọ́ máa ń parí. Ní Húsítọ̀nù níbí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìyẹn nígbà òtútù, aago méje nígbà ooru. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni mo sábà máa ń wà. Kí ó tó parí, iye tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ya ìparí ara àbẹ́là. Bí ọjà bá tún já ní wákàtí tó kù, ara á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì máa jẹ òwú mọ́ra. Ohun tó jẹ owó rẹ nìyẹn.

DÈJÌ: Mo gbà, ẹ̀bi mi ni. Àmọ́ ká ní ó parí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Òwú gígùn yẹn, kí ló ń sọ gan-an?

BỌ́SẸ̀: Jẹ́ ká mú ọ̀kan pàtó. Lọ sí March 13, 2020, lórí BTCUSDT, ìyẹn iye Bítíkọ́ìnì sí USDT tó dúró fún dọ́là, ní ilé ọjà Binance. Ìgbà tí Kòrónà dé ni. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Bítíkọ́ìnì já láti nǹkan bí 8,000 dọ́là dé ìsàlẹ̀ 5,000. Ka iye mẹ́rin tó wà lókè ṣáàtì fún mi, má dà á láàmú, sọ ọ́ di odindi.

DÈJÌ: Ó ṣí ní 4,800. Òkè tó dé jù, bí 5,950. Ìsàlẹ̀ tó dé jù, bí 3,800. Ó parí ní bí 5,600.

BỌ́SẸ̀: Ó dáa. Ara ni àárín ibi tó ṣí àti ibi tó parí. Láti 4,800 dé 5,600, 800 dọ́là nìyẹn, ó sì jẹ́ àwọ̀ ewé torí pé òkè ló parí sí. Òwú ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ṣí, ó lọ sí 3,800: 1,000 dọ́là. Òwú òkè jẹ́ 350. Gbogbo ibi tí ọjà rìn lọ́jọ́ yẹn, láti òkè délẹ̀, jẹ́ 2,150.

DÈJÌ: Òwú ìsàlẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ẹ̀!

BỌ́SẸ̀: Ìyẹn gan-an ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mi ò kì í sọ pé "ó gùn" lásán. Òwú gígùn lórí àbẹ́là tó rìn 2,000 dọ́là yàtọ̀ sí ti èyí tó rìn 50.

DÈJÌ: Nítorí náà àwọn tó ń rà pọ̀ ju àwọn tó ń tà lọ.

BỌ́SẸ̀: Rárá o! Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú. Bítíkọ́ìnì kan tí wọ́n rà, ẹnì kan ló tà á. Iye méjèèjì dọ́gba nígbà gbogbo. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ta ló ń kánjú? Ìyá onítòmátò tí ilẹ̀ ti ṣú mọ́ lórí, tí ọkọ̀ sì ti fẹ́ gbéra, iye tí oníbàárà bá pè ló máa gbà. Oníbàárà ò pọ̀ sí i, ìyá ló ń kánjú. Lórí ṣáàtì náà, ẹni tó ní "ẹ bá mi tà á báyìí, iye yòówù kó jẹ́" ló ń fa ọjà wálẹ̀. Tí ẹni tó ń rà bá di ẹni tó ń kánjú, iye á gun òkè.

DÈJÌ: Ta wá ló ń kánjú ní 3,800?

BỌ́SẸ̀: Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ tà. Wọ́n fi owó àyálò ra Bítíkọ́ìnì. Nígbà tí iye já dé ibi tí ohun tí wọ́n fi dúró ò tó gbèsè mọ́, kọ̀ǹpútà ilé ọjà ló gbé e tà fún wọn, kò béèrè. Títà yẹn á tún fa iye wálẹ̀, á mú ẹlòmíì tó yá owó, bó ṣe ń lọ nìyẹn. Àárín ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yẹn ni BitMEX, tó wà lára àwọn tó tóbi jù fún owó àyálò nígbà náà, dáṣẹ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú 25. Iye sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

DÈJÌ: Ẹ ń sọ pé òwú yẹn kì í ṣe pé akọni kan jáde wá ra ọjà?

BỌ́SẸ̀: Àwọn kan rà lóòótọ́. Àmọ́ apá kan òwú yẹn ni pé àwọn tí wọ́n ń fipá tà fún ti tán nílẹ̀. Nínú kírípútò, tí owó àyálò pọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ ro èyí kí n tó ro akọni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀: ìfipátà tó tán ń dá iye padà kíákíá, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rà lókè.

DÈJÌ: Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà?

BỌ́SẸ̀: Ẹni tó rà ní 5,600 nígbà tó parí, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó rí i tó tún sún mọ́ 4,500. Kò padà dé 3,800 o. Òwú yẹn fi ibi tí títà ti tán hàn, àmọ́ kò sọ fún ọ pé kó o rà lọ́la.

DÈJÌ: Ohun kan tún ń rú mi lójú. Mo ń wo àbẹ́là yìí, mi ò mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ni, àbí òkè.

BỌ́SẸ̀: O ò lè mọ̀ ọ́n láti ibẹ̀. Àbẹ́là kan ò ní ìtàn, iye mẹ́rin péré ló ní. Bó bá jẹ́ pé òkè ló kọ́kọ́ dé, tó wá já, tó tún dìde, ìyẹn yàtọ̀. Yí ṣáàtì sí àbẹ́là wákàtí kan. Ṣé o ti rí i?

DÈJÌ: Ẹ dúró... bẹ́ẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ wà ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀nà gígùn ló fi dìde lẹ́yìn ìyẹn.

BỌ́SẸ̀: Ó dáa ju kó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn ló sáré sókè. Ohun kan ló kù: wo ilé ọjà mìíràn pẹ̀lú. Ní October 21, 2021, Bítíkọ́ìnì wà ní òkè 60,000, òwú kan sì já sí nǹkan bí 8,200 lórí Binance.US, ilé ọjà Binance ti Amẹ́ríkà, nìkan. Ní ibòmíràn, kò síbi tó ti sún mọ́ ọn. Wọ́n ní àṣìṣe ló wà nínú ètò kọ̀ǹpútà oníbàárà ńlá kan. Ẹni tó bá ń ka ìyẹn sí agbára àwọn tó ń tà, àṣìṣe kọ̀ǹpútà ló ń kà.

DÈJÌ: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní òmíràn lójú báyìí. Òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá ìdajì.

BỌ́SẸ̀: Ó ku ìṣẹ́jú mélòó kó parí?

DÈJÌ: Ogójì.

BỌ́SẸ̀: Fi fóònù yẹn sílẹ̀, Dèjì. Èmi ń lọ ro ọbẹ̀ mi.