Ẹ yọ ohun tẹ́ ẹ rí kúrò lára Grand Total kẹ́ ẹ tó to márùn-ún

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwa tá a ń ṣírò owó fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú sọ l'Abẹ́òkúta rèé, mo fi ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí i.)

Ẹ káàsán o. Ọ̀gá yín á ju síkirínṣọ́ọ̀tì tébù pífọ́ọ̀tì, ìyẹn tébù tí Excel fi ń ro owó ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan pọ̀, sórí Wasáàpù, á ní kẹ́ ẹ bá òun to ìsọ̀rí márùn-ún tó pawó jù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ga jù. Fáìlì ò sí lọ́wọ́ yín, àwòrán nìkan ni. Àwọn kan á ní kí ló wá le níbẹ̀, ṣebí ojú lèèyàn fi ń wò ó. Mi ò gbà fún wọn, ojú yẹn náà ló ń kó wa sí wàhálà. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo ṣe yìí:

```
Batik            96,500
Eleko         1,085,000
Fila             64,000
Kampala         970,000
Oniko           738,500
Scarf           401,000
Grand Total   3,767,000
```

Excel máa ń to orúkọ látorí A dé Z bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un pé kó fi owó tò ó, torí náà ẹni tó wà lókè kọ́ ló pọ̀ jù. Ẹ ka kọ́mà kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà, pàápàá lórí fóònù tí àwòrán ti kéré: kọ́mà méjì, mílíọ̀nù nìyẹn.

Ó yá, ẹ tò ó. Eleko, Kampala, Oniko, Scarf, Batik. Gbogbo yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti máa ń tẹ sẹ́ńdì nìyẹn. Ẹ dúró ná. Ẹ ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, 3,355,000 ló jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára Grand Total, ó ku 412,000. Owó ta ni? Ẹ wo òkè àwòrán, Row Labels, àkọlé tó máa ń wà lórí orúkọ àwọn ìsọ̀rí, ò sí níbẹ̀, orí Batik ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ya àwòrán ti gé orí ẹ̀ dànù, ohunkóhun tó bá fi A bẹ̀rẹ̀, bí Alabere, ti bá a lọ.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ nìyí, mo sì máa tún un sọ: ẹ fi iye tí ò hàn wé iye ẹni karùn-ún. Ká ní 50,000 ló kù ni, kò sí ohun tó lè dé 96,500 ti Batik níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ìsọ̀rí kan ṣoṣo ló ni gbogbo ẹ̀, ẹ lè tẹ sẹ́ńdì. Àmọ́ 412,000 ju Batik lọ, ó tún ju Scarf lọ. Tó bá jẹ́ ìsọ̀rí kan ló ni ín, òun ni ẹni kẹrin, Scarf á di ẹni karùn-ún, Batik á jáde. Tó bá jẹ́ méjì ló pín in ní 206,000 kọ̀ọ̀kan, Scarf á wà ní kẹrin, àwọn méjì yẹn á sì jọ wà ní karùn-ún. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni mi ò ní í fòyà lé lórí, torí 412,000 ò tó 738,500 ti Oniko.

Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ síwájú báyìí ni àǹtí kan lẹ́yìn nawọ́: "Ẹ̀gbọ́n, àwa máa ń kọ ẹ̀dínwó sí ìlà tiẹ̀, pẹ̀lú àmì àyọkúrò, ìyẹn ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn da nǹkan tí mo tò sílẹ̀ rú, òótọ́ ló sì sọ. Ká ní nínú ibi tí wọ́n gé, Alabere jẹ́ 900,000, ẹ̀dínwó tí orúkọ ìlà ẹ̀ náà fi A bẹ̀rẹ̀ wá jẹ́ àyọkúrò 488,000. Ẹ ṣírò ẹ̀, 412,000 náà ló máa kù! Alabere ti wá ju Oniko lọ, ẹni kẹta tí mo ní mi ò fòyà lé lórí ti di ẹni kẹrin. Nítorí náà, ìfiwéra mi dúró kìkì tí kò bá sí ìlà tí owó ẹ̀ wà nísàlẹ̀ òdo. Ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá yín bóyá ẹ̀dínwó tàbí ọjà tí wọ́n dá padà ní ìlà tiẹ̀.

Aago ti ń sáré, mo máa yára. Tí ẹnì kan bá ti fi fílítà yọ ìsọ̀rí kan, Grand Total á ro èyí tó ṣẹ́ kù nìkan, ẹ̀yin á yọ ọ́, á jẹ́ òdo, ẹ á rò pé ó ti pé. Ẹ̀gbẹ́ Row Labels ni àmì fílítà yẹn máa ń wà, ìyẹn ibi tí wọ́n gé dànù gan-an. Tí àròpọ̀ yín bá wá ju Grand Total lọ, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ka àròpọ̀ ìsọ̀rí ńlá àti àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ pọ̀. Àkọlé tó wà lórí àwọn nọ́ńbà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Sum of Amount. Tó bá jẹ́ Count of Amount, iye ìgbà tí wọ́n tà á ni, kì í ṣe owó.

Àbúrò kan bi mí pé kí lòun á wá kọ sí ọ̀gá òun. Mo ní kó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàsán mà. Nínú èyí tó hàn, Eleko ló ṣíwájú, Kampala tẹ̀ lé e, Oniko ìkẹta. Owó 412,000 ò hàn nínú àwòrán, wọ́n ti gé òkè ẹ̀, ó sì lè yí ètò náà padà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un yà látorí Row Labels dé Grand Total."